Ìwọ̀n Atẹ́gùn Táyà: Ti Ẹnu Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ni Kí Awakọ̀ Gbà, Kì í Ṣe Ti Ẹ̀gbẹ́ Táyà

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ ìdílé rẹ̀ jáde láti Yoko, ìbáà jẹ́ Ṣakẹ́tẹ́ ló ń lọ tàbí Pobẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó kan ìsọ̀ fọkanáísà. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á wà níbẹ̀, ọ̀pá irin méjì mẹ́ta á wà níbẹ̀, wọ́n á sì gbé àlòkù táyà dúró lẹ́bàá títì kí èrò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Awakọ̀ á ní kí wọ́n bá òun wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Fọkanáísà á bi í pé mélòó ni kí òun fọn sí i, awakọ̀ á ní kó wo èyí tó bá dára. Nígbà náà ni fọkanáísà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á nu eruku pupa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, á ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, MAX PRESS 44 PSI, á sì fọn ún dé 40 tàbí 44. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ka nǹkan kan. Wọ́n á fi ọ̀pá irin gbá táyà, wọ́n á gbọ́ ìró rẹ̀, ó parí.

Nọ́ńbà mìíràn sì wà lára ọkọ̀ kan náà tí ẹnikẹ́ni kò wò. Kí awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, kó wo òpó irin tí ilẹ̀kùn náà máa ń há mọ́ bó bá ti tì í. Lára òpó yìí tàbí ní etí ilẹ̀kùn gan-an ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́. Nínú ọkọ̀ Yúróòpù mìíràn, ẹ̀yìn ìdérí ihò epo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí. Lára Toyota Corolla ọdún 2005 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, irú èyí tó gba èbúté Kútọnù wọlé lọ́pọ̀ yanturu, ohun tí ìwé náà sọ ni pé táyà ọkọ̀ yìí jẹ́ 195/65R15, kí atẹ́gùn iwájú jẹ́ 30 PSI, kí ti ẹ̀yìn náà sì jẹ́ 30. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ táyà wá di 14 PSI, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tó yẹ kó wà nínú táyà.

Èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló tọ̀nà. Ìdí tó fi tọ̀nà yẹ ní mímọ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí náà ni yóò mọ ìgbà tí ìwé ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò ní tó.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà kò mọ ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ máa bá lọ. Táyà 195/65R15 kan náà ló ń wọ Corolla, òun ló ń wọ Golf kẹrin, òun náà ló ń wọ Peugeot 307. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wúwo bákan náà, ẹ́ńjìnnì wọn kò jọra, sípíríǹgì wọn kò sì le bákan náà. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tí oníṣẹ́ táyà lè kọ sílẹ̀ láìpurọ́ ni ààlà: ibi tí atẹ́gùn kò gbọdọ̀ kọjá nígbà tí táyà bá tutù. Òfin Amẹ́ríkà ló pọn ọ́n ní dandan pé kí ààlà yìí wà lára gbogbo táyà tí wọ́n bá fẹ́ tà níbẹ̀, ìyẹn la fi ń rí i lára táyà tí wọ́n ṣe ní Éṣíà pẹ̀lú.

Ààlà náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Lára táyà ọkọ̀ kékeré, ẹnì kan lè bá 35 pàdé, kó bá 44, kó sì bá 51, lára táyà tí ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ ká gbà pé awakọ̀ kan ní Ṣakẹ́tẹ́ ra táyà tuntun méjì sí iwájú, tí wọ́n kọ 44 sí lára, tó sì fi méjì ilé iṣẹ́ mìíràn, tó ní 51 lára, sí ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ táyà ni ká máa tẹ̀ lé, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ti di ohun tó nílò 7 PSI ju iwájú lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò wúwo sí i, kò sì fúyẹ́ sí i. Ohun tó yí padà kò ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára rọ́bà lọ.

Àṣìgbọ́ kan tún wà tó yẹ ká tú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ 44 sí, wọ́n tún kọ ẹrù tó pọ̀ jù tí táyà lè gbé, fún àpẹẹrẹ 580 kg. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 44 náà ló ń jẹ́ kí táyà gbé 580 kg, pé bí atẹ́gùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ń pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà ọkọ̀ kékeré tí kì í ṣe alágbára àkànṣe ti máa ń dé òpin ẹrù rẹ̀ ní nǹkan bí 35 tàbí 36 PSI. Atẹ́gùn tí ẹnikẹ́ni bá fọn kún un lẹ́yìn ìyẹn ń mú táyà le ni, kò fi kílò kan kún ohun tó lè gbé.

Ẹ jẹ́ ká wá wọn Corolla náà wò. Bó bá ṣófo, ó jẹ́ nǹkan bí 1,150 kg. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ẹrù ọjà lè fi 350 kg kún un. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,500 kg lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn 375 kg lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì. Ní 30 PSI, táyà 195/65R15 lè gbé ju 500 kg lọ. Ọgọ́rùn-ún kílò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà nílẹ̀ fún kòtò, fún ìjánu òjijì àti fún ìyà tí àwọn tó yan 30 náà ti rò tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ọkọ̀ kò fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n mọ ìwúwo tó dé orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n dán ìjánu rẹ̀ wò, wọ́n wò ó bó ṣe ń yí kọ́nà, kí wọ́n tó tẹ ìwé náà.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n fọn dé 44? Àárín ojú táyà á yọ síta, etí méjèèjì á gbé díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ibi tó ń di títì mú á kéré. Ní ìgbà òjò, tí títì bá ń yọ̀, ọkọ̀ náà á nílò àyè tó pọ̀ sí i kó tó dúró. Bó bá já sínú kòtò, táyà tó le koránkorán kò ní rọ̀ gba ìyà náà, á gbé e fún ríìmù, fún ṣọ́ọ̀kì àti àwọn ìsopọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tó wọ inú oko, òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa ń rí irú táyà bẹ́ẹ̀ gún ju èyí tó ní ìrọ̀rùn díẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan wà láti fojú rí i, ṣọ́ọ̀kì tí tíṣà fi ń kọ̀wé lójú pátákó ló gbà. Kí awakọ̀ fa ìlà funfun tó nípọn láti etí kan dé etí kejì lójú táyà, kó wa ọkọ̀ lọ síwájú ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tàbí títì gbígbẹ, ní tààrà, kó sọ̀kalẹ̀ wò ó. Bí àárín nìkan bá pa rẹ́ tí ti etí ṣì funfun, atẹ́gùn pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá lọ tí àárín ṣì kù, atẹ́gùn kò tó. Bó bá pa rẹ́ déédéé, táyà ń jókòó dáadáa. Ìdánwò yìí kò lè sọ nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ jíjẹ táyà hàn ní ọ̀pọ̀ oṣù kí ojú tó rí i.

Kíkéré atẹ́gùn ló léwu jù nínú méjèèjì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìbẹ̀rù 44 bọ́ sínú rẹ̀. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, títẹ̀ àti nínà yìí ló ń mú ooru jáde. Ọkọ̀ tó kún, eré tó pọ̀, oòrùn ọ̀sán lórí títì dúdú, gbogbo rẹ̀ á para pọ̀, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára okùn irin inú rẹ̀. Ohun tó sì mú kó burú ni pé ojú kì í rí i. Táyà òde òní tí okùn inú rẹ̀ gba ìbú, irú èyí tí Michelin gbé jáde ní ọdún 1949, máa ń yọ ikùn díẹ̀ nísàlẹ̀ kódà bí atẹ́gùn rẹ̀ bá pé. Nítorí náà, 22 àti 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú, wọn kò sì yàtọ̀ fún ẹni tó ń fi ọ̀pá irin gbá a. Gééjì nìkan ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ Firestone ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lórí èyí, ó sì tún jẹ́ ẹjọ́ tí àwọn kan máa ń fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone pe mílíọ̀nù 6.5 táyà padà ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn wà lára Ford Explorer. Ojú táyà náà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ lórí eré, ọkọ̀ á sì gbókìtì. Ìjọba ibẹ̀ ka ikú 271 mọ́ ọn lọ́rùn. Àléébù wà nínú táyà náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn mìíràn tún jáde: 26 PSI ni Ford kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn Explorer, 30 sì ni Firestone fẹ́. Bí atẹ́gùn bá ti kéré báyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, táyà tó bá tún jò díẹ̀ kò ní àyè kankan mọ́ kí ooru tó borí rẹ̀. Ford padà gbé nọ́ńbà náà sí 30.

Ó yẹ ká wo ohun tí àtúnṣe náà jẹ́. Ìwé ilẹ̀kùn ni wọ́n tún kọ, láti 26 sí 30. Kò sẹ́ni tó sọ fún oní-Explorer pé kó lọ fọn ún dé ààlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun lórí táyà, òun ló sì bí iná ìkìlọ̀ tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí táyà bá ń rọ̀. Iná náà gbọ́dọ̀ tàn bí atẹ́gùn bá ti fi ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan dín sí ti ẹnu ilẹ̀kùn. Òfin fúnra rẹ̀ ń ka ìwọ̀n láti ara ìwé ilẹ̀kùn, kò kà á láti ara ẹ̀gbẹ́ táyà. Fún ọkọ̀ tó gba 30, iná kò ní tàn títí tó fi máa sún mọ́ 22, ìyẹn sì ti pẹ́ jù fún ẹni tó bá kó ènìyàn márùn-ún. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2008 ni kò tilẹ̀ ní iná yìí rárá.

Ìwé ilẹ̀kùn kò sọ nọ́ńbà nìkan, ó tún sọ pé kí táyà tutù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń gbìyànjú gan-an ti ń ṣì í. Táyà tutù ni èyí tó ti wà nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tàbí tí wọ́n kò tíì wà ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ti rìn, atẹ́gùn inú rẹ̀ á gbóná, á sì fi nǹkan bí 4 tàbí 5 PSI lékè. Awakọ̀ tó ti Àjàṣẹ́ dé Ṣakẹ́tẹ́ ní ọ̀sán, tó wọn táyà rẹ̀ tó rí 35, tó wá ní kí wọ́n tú u padà sí 30, ti ṣe ara rẹ̀ ní ibi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí táyà tutù, 25 tàbí 26 ni yóò bá níbẹ̀. Gbígbé tí ooru gbé e sókè ti wà nínú ìṣirò àwọn tó kọ 30. A kì í tú atẹ́gùn kúrò lára táyà tó gbóná.

Ojú ọjọ́ náà ń ṣe tirẹ̀. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 Sẹ́ẹ̀síọ̀sì yí padà, atẹ́gùn táyà á fi nǹkan bí 1.5 PSI yí tẹ̀ lé e. Nígbà ọyẹ́, tí àárọ̀ tutù tí ọ̀sán sì gbóná gan-an, táyà tí kò jò rárá lè fi 2 PSI yàtọ̀ láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ kan. Nítorí náà ni àárọ̀ kùtùkùtù fi dára jù fún wíwọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò sí nílé gbogbo ènìyàn, ìsọ̀ fọkanáísà sì lè jìnnà. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Kí onílé ra gééjì kékeré tirẹ̀, kó wọn táyà ní ilé ní àárọ̀ kó tó gbéra, kó sì kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó sílẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú jẹ́ 24 ní Yoko, tó sì yẹ kó jẹ́ 30: 6 ló kù. Bó bá dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ní Pobẹ̀, táyà ti gbóná, gééjì á sọ pé 28. Kò ní wo 30 mọ́. Yóò fi 6 kún 28, ìyẹn 34. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, yóò bá 30 níbẹ̀, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn gan-an.

Gééjì tirẹ̀ náà kan án láti ní fún ìdí mìíràn. Ti ìsọ̀ ẹ̀bá títì máa ń jábọ́ lójoojúmọ́, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Méjì tó wà nísọ̀ méjì lè máa sọ nǹkan tó yàtọ̀ síra fún táyà kan náà. Ojú aago tó wà lára àgbá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ńkọ́? Ohun tó wà nínú àgbá ló ń sọ, kò sọ ti inú táyà. Lẹ́bàá ibodè yìí, ìṣòro ìwọ̀n méjì tún wà. Gééjì tó ti Nàìjíríà wá sábà máa ń ka PSI, èyí tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá ń ka báà, tí wọ́n kọ bar sí lójú rẹ̀. Báà kan jẹ́ 14.5 PSI. Fún Corolla tó gba 30, 2.1 ni yóò wò lójú gééjì Faransé, òun sì ni 210 kPa tó wà lára ìwé ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá mọ méjèèjì lórí kò ní ṣìnà ní Ṣakẹ́tẹ́, kò sì ní ṣìnà ní Ìdí-Ìrókò.

Àwọn tó fẹ́ràn táyà líle ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní epo á dínkù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ni pé bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi 1 PSI dín sí ti ẹnu ilẹ̀kùn, epo tí ọkọ̀ ń jó á fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹni tí táyà rẹ̀ wà ní 22 dípò 30 ń fi epo ṣòfò nítòótọ́, àtúnṣe rẹ̀ sì ni kó padà sí 30. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbé e dé 44 tún dín epo kù díẹ̀ sí i, táyà méjì tó jẹ láàárín ṣáájú ọjọ́ wọn ti gba owó náà padà.

Wọ́n tún ní ẹrù àwọn pọ̀. Èyí ni ibi tí wọ́n ti rí nǹkan sọ jù, ìwé ilẹ̀kùn sì ti dáhùn rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù: ìlà méjì ló máa ń wà, ọ̀kan fún èrò díẹ̀, èkejì fún ọkọ̀ tó kún, ẹ̀yìn ló sì máa ń ga sókè jù nínú ìlà kejì náà. Ẹni tó ń kó epo pupa àti gàrí ti ọjà bọ̀ ní Peugeot ní láti ka ìlà kejì yẹn, kó sì tú u padà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo. Ìlà kan ṣoṣo ló wà fún Corolla ti Amẹ́ríkà, ẹrù tó pé sì ti wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá kó ènìyàn méje sí ìjókòó márùn-ún ti jáde kúrò nínú ohun tí wọ́n kọ ìwé náà fún. Atẹ́gùn kò lè wo ìyẹn sàn.

Ibi tí ìwé náà ti ń kùnà gan-an ni ara tòkunbọ̀ tó ti forí gbárí rí. Wọ́n lè ti kùn ún bò, tàbí kó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò, tí ìwé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ni ìwọ̀n táyà: bí ìwé bá sọ 195/65R15 tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì jẹ́ 205/55R16, a jẹ́ pé ìwé náà kọ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ ríìmù. Ìwé ìlò ọkọ̀ tó máa ń wà nínú àpótí iwájú èrò ló kàn láti yẹ̀ wò. Bí ìyẹn náà bá ti sọnù, kí wọ́n ka ti ọkọ̀ mìíràn tó bá a dọ́gba ní orúkọ, ní ọdún àti ní ìwọ̀n táyà.

Táyà ìrọ́pò ṣì kù. Nínú Corolla náà, èyí tó wà nísàlẹ̀ búùtù lè jẹ́ táyà tín-ín-rín, ìwé ilẹ̀kùn sì kọ 60 PSI síwájú rẹ̀, ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ń yọ́ jáde lára rọ́bà díẹ̀díẹ̀, oṣù dé oṣù. Àárọ̀ tí wọ́n bá ń wọn mẹ́rin ìta ni kí wọ́n wọn òun náà.